Orin Ohùn Mẹ́ta

Ohùn mẹ́ta péré ni orin náà ní. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó èyí tí ènìyàn ń fi pe ọmọ wá jẹun: Ó ń bọ̀. Olúwa ni ẹni tó ń bọ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í sì í dárúkọ Rẹ̀ níbẹ̀. Ìdájí la máa ń kọ ọ́ nínú ilé àdúrà wa kékeré ní Ṣàgámù, kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi ni mo sì ń tẹ dùùrù sí i. Ọ̀pọ̀ orin tí mo tẹ̀ nígbà náà ni mo ti gbàgbé. Èyí kò lọ. Títí di òní, bí mo bá jí ní kùtùkùtù tí n kò tíì kíyè sí ara mi, òun ni mo máa ń bá lẹ́nu ara mi, ẹ̀rù rẹ̀ a sì tún bà mí.

Kì í ṣe orin ijó o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ayé ìsinsìnyí gbà pé orin tí kò bá gbọ̀n wọ́n láti ìdí, orin kọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi àwa náà máa ń lùlù, a máa ń pàtẹ́wọ́, àwọn tó fẹ́ràn àṣehàn a sì jó títí gèlè wọn a fi tú. Ti ìdájí yàtọ̀. Kò sí ìlù, kò sí agogo, kò sí àtẹ́wọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, èémí rẹ̀ kúrú, ọkàn rẹ̀ ṣì wà níbi tó ti ń lá àlá. Bí o bá fi orin kíákíá kọlù ú, ńṣe ni yóò máa sáré tẹ̀lé orin náà kiri, kò ní ráyè gbàdúrà. Nítorí náà, ohùn kan, èémí kan. Wọ́n a mí sínú, wọ́n a kọ "Ó" títí èémí náà a fi tán. Wọ́n a tún mí, wọ́n a pa ẹnu dé, "ń" a máa gba imú wọn jáde. Wọ́n a mí lẹ́ẹ̀kan sí i, "bọ̀" a sì sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í darí orin náà. Èémí Ìyá Àdúrà, tí wọ́n dàgbà jù nínú wa, la fi ń wọn orin. Bí wọ́n bá mí, a mí.

Dùùrù wa kò lo iná. Àpótí igi ńlá bíi kọ́bọ́ọ̀dù ni, ìjọ kan tó ti ra tuntun ló ta á fún wa. Ó ní pátákó méjì nísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, àwọn ló ń mí fún un bí ẹwìrì ṣe ń mí fún alágbẹ̀dẹ. Nínú rẹ̀ ni àwọn ahọ́n idẹ pẹlẹbẹ wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ohùn kọ̀ọ̀kan. Bí ìka bá tẹ ohùn kan, ọ̀nà a ṣí fún afẹ́fẹ́, ahọ́n idẹ a gbọ̀n, ohùn a jáde. Bí ẹsẹ̀ bá yára, ohùn a ké. Bí ẹsẹ̀ bá lọ́ra jù, ohùn a kú. Fún orin ìdájí, ńṣe ni mo máa ń rọra yí ẹsẹ̀ padà, bí ọ̀kan ṣe ń lọ sílẹ̀ ni èkejì ń gòkè, kí ohùn má baà máa fò sókè fò sílẹ̀ bí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Ọwọ́ òsì mi kì í ṣe ju ohun kan lọ: dò ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kì í gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ títí àdúrà a fi parí. Ilẹ̀ tí orin náà dúró lé ni. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń kọ orin fúnra rẹ̀: sọ́, lá, lẹ́yìn náà a já wálẹ̀ sí dò. Bí ìka kan ṣe ń kúrò ni èkejì ń wọlé, kí àlàfo má sí láàárín wọn. Ẹnu wa ló yan àwọn ohùn náà, kì í ṣe èmi. "Ó" wà lókè, "ń" wà lókè, "bọ̀" wà nísàlẹ̀. Olùkọ́ kan wá sọ́dọ̀ wa rí tó fẹ́ tún orin náà ṣe kí ó lè dùn sí i, ló bá gbé ohùn ìkẹyìn sókè. Gbogbo ilé àdúrà bú sẹ́rìn-ín. Ó ti sọ fún wa pé Olúwa ń bọ́, bí ẹní ń bọ́ látorí igi! Òun nìkan ni kò mọ ohun tí à ń rín, nítorí etí rẹ̀ ti kún fún ìwé orin.

Báyìí la ṣe ń ṣe é: a máa ń kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, títí ọkàn a fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó pa ẹnu dé, a ó máa kùn ún. Níkẹyìn gbogbo ènìyàn a dákẹ́, dùùrù nìkan a máa tẹ̀ ẹ́ lọ, a máa lọ sílẹ̀ sí i, kálukú a sì máa bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkàn. Òfin kan ṣoṣo ló de ẹni tó ń tẹ dùùrù níbẹ̀: kò gbọdọ̀ dá dúró lójijì. Ẹni tó bá ti wọnú àdúrà lọ jìnnà, a kì í já ilẹ̀ gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ orin yìí di ẹrù sí mi lọ́rùn. Bó tilẹ̀ jù mí lọ, orí ẹní kan náà la ti dàgbà, a kì í bá ara wa ṣe "ẹ" àfi níwájú àlejò. Awakọ̀ lọ́rí ni ọkọ rẹ̀, obì ló ń kó láti Ṣàgámù lọ sí Òkè Ọya. Wọn kò tíì bímọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, ó máa ń tò ó síra dáadáa, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ni ó ń bẹ̀rù nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ kan, ó kó obì lọ bó ṣe máa ń ṣe. Ara ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó ń bá a lọ kò yá lójú ọ̀nà, ó fi í sílẹ̀ ní Ìlọrin, ó dá lọ. Wọ́n rí lọ́rí náà ní ìkọjá odò Ọya. Ó dúró sẹ́bàá títì, ilẹ̀kùn awakọ̀ ṣí sílẹ̀, apẹ̀rẹ̀ obì pé, ewé tí wọ́n fi bò ó kò já. Bàtà rẹ̀ méjèèjì wà nísàlẹ̀ ìjókòó, ó tò wọ́n síra bí ẹni tó fẹ́ wọlé. Òun nìkan ni wọn kò rí. Ọlọ́pàá wá a, àwọn ará abúlé wá a, àwọn àbúrò rẹ̀ lọ, wọ́n bọ̀. A kò rí òkú, a kò rí ààyè.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi kò ti sùn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí mo kó lọ bá a nínú yàrá rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó máa ń gbé omi ìwẹ̀ kaná, á bo oúnjẹ mọ́lẹ̀, á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, á sì gbé àga kojú sí i. Ó ní bí ọkọ òun bá dé tó bá ilẹ̀kùn ní títì, yóò rò pé òun ti fẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn àna rẹ̀ wá láti Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n ní kí ó fún àwọn ní agbádá ọmọ àwọn kí àwọn sin ín dípò rẹ̀. Ó gba agbádá náà mọ́ wọn lọ́wọ́, ó lé wọn jáde. Ní ilé ìwòsàn wọ́n fún un ní oògùn oorun, ó fi í sábẹ́ ahọ́n, ó tu ú síta nígbà tí mo kọjú sí ibòmíràn. Ní ọ̀sán, ó máa ń lọ sí oríta ńlá lẹ́bàá títì márosẹ̀, á máa wo àwọn lọ́rí tó ń ti òkè bọ̀. Níbẹ̀ ni oorun ti gbé e lórí ìdúró lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń ta búrẹ́dì ló fà á kúrò níwájú ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀. Ìdí aṣọ rẹ̀ ló ya mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n mú un wálé, mo pariwo mọ́ ọn, mo sunkún, mo sì mọ̀ dájú pé bí kò bá sùn, ikú rẹ̀ ti dé nìyẹn. N kò bẹ Ọlọ́run fún nǹkan míì mọ́: kí ẹ̀gbọ́n mi sùn.

Mo rò pé àdúrà ìdájí yóò rọ̀ ọ́ lọ́kàn, ni mo bá mú un dání. Ní àkọ́kọ́, ó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn, ó pa ojú dé. Inú mi dùn. Nígbà tí a parí, ó dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ta ló sọ fún yín pé ó ń bọ̀?"

Mo ní, "Olúwa ni, àbí ta ni?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò dárúkọ Olúwa."

Láti ọjọ́ náà, kò pa ìdájí kan jẹ mọ́. Gbogbo bí a ṣe ń kọ orin náà ni ó ń mú un lọ sílé bí ìròyìn. Omi ìwẹ̀ ìgbà náà gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé, nígbà tí gbogbo wa bá dákẹ́ tó ku dùùrù nìkan, ọkọ òun máa ń rìn wá sẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà, yóò dúró níta nínú kùrukùru, tí orin bá sì tán yóò yí padà. Mo ní kí ó má sọ ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni ẹnu ọ̀nà yẹn máa ń wà tí mo bá jókòó sídìí dùùrù, ẹ̀yìn ọrùn mi a sì tutù.

Mo tọ Ìyá Àdúrà lọ. Ọmọ Akaka, ìlú kan nítòsí wa, ni wọ́n, ẹnu wọn kò yí padà kúrò ní ti ilé. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀ wọ́n pé kí a fi orin náà sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Uṣẹ́ tìrẹ ni kí o tẹ dùùrù, ọmọ mi. Ti Olúwa ni kí Ó bọ̀. Ṣé nítorí ará ulé rẹ kan ni kí Ó fi jókòó sọ́hùn-ún?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ń pa á ni."

Wọ́n ní, "Ó dáa. A ó pa ẹnu dé. A ó máa kùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dópin."

Mo rò pé mo ti borí. Ní ìdájí kejì, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìkùn nìkan ló ń lọ, sọ́, lá, dò, láti imú gbogbo àwọn obìnrin náà. Nígbà tí a ń lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan èjìká mi.

"Ẹ pa ẹnu dé lónìí," ó ní, "ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín."

Inú bí mi gan-an, àfi bíi kí n gbá a létí. Nígbà tó yá ni mo rí i pé èmi ni mo gọ̀. Yorùbá ni wá. O lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu wa, o kò lè yọ ọ́ kúrò nínú ohùn. Bí ìyá bá kun orúkọ ọmọ rẹ̀ láti inú ilé ìdáná láìla ẹnu, ọmọ a dáhùn. Mo tún gbìyànjú ọgbọ́n míì: mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn kọ̀ọ̀kan gùn, mo rọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ débi pé dùùrù fẹ́rẹ̀ẹ́ má mí mọ́, kí ohùn kan jìnnà sí èkejì tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò fi ní lè so wọ́n pọ̀. Ìyá Àdúrà fúnra wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú síbi èémí náà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró dè mí níta.

"Ó rọra ń rìn lónìí," ó ní. "Àbí nǹkan ṣe é lẹ́sẹ̀ ni?"

Mo fà á lọ́wọ́, a lọ sílé. Àwọn obìnrin ti ń kùn lábẹ́lẹ̀ pé mò ń sọ àdúrà di ìyà, ni Ìyá Àdúrà bá dá ọ̀rọ̀ orin padà. Mo gbà pé mo ti pòfo.

Ní òwúrọ̀ tí mò ń sọ yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ládàánì mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun àsùbáà tán, kùrukùru bo gbogbo àdúgbò, òórùn obì àti ewé tútù ń ti ìsọ̀ àwọn olóbì wá. A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe máa ń ṣe, a wọlé. A fi ọ̀rọ̀ kọ orin náà. Ó dára. A kùn ún. Ó dára. Lá ń dún ketekete lábẹ́ ìka mi, n kò gbọ́ ohun àjèjì kankan. Lẹ́yìn náà gbogbo ènìyàn dákẹ́, ó ku èmi àti dùùrù.

Mo tẹ sọ́. Ó dún. Mo tẹ lá.

Kò dún. Mo gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe kọjá, fẹ́ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù láti gbọ́ níbẹ̀ ni dò ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ òsì mi tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kàn já sí dò bí orin ṣe wí. Ó wá jẹ́ ọ̀kan lókè, méjì nísàlẹ̀. Mo rò pé ìka mi ló yẹ̀. Mo tún un tẹ̀, mo tẹ lá náà mọ́lẹ̀ gidigidi. Kò dún. Òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀.

Ó dàbọ̀.

Mo rí i tí àwọn obìnrin tó wà níwájú ń la ojú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àdúrà yí orí padà wò mí. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ ọ, nítorí ojoojúmọ́ la máa ń sọ ọ́ fún ara wa tí a bá ń kúrò lágbàlá. Mo fẹ́ dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin, bí mo bá gbé ẹsẹ̀ lójijì dùùrù yóò ké bí ẹran tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn kan ṣì wà nínú àdúrà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí n tún un tẹ̀ kí ó sì máa lọ sílẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó dàbọ̀.

Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi dìde lẹ́yìn mi. Mo yí ọrùn, ẹsẹ̀ mi kò dúró. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà, ó kojú sí kùrukùru, ó kúnlẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀ kí ọkọ tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ó ní, "Ó dàbọ̀ o." Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà gan-an ni, bí dùùrù ṣe sọ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó lọ. Mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tán díẹ̀díẹ̀ nínú àpótí náà.

Nígbà tí mo sáré délé, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. N kò rí i ní títì rí láti ìgbà tí mo ti ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo gba ojú fèrèsé yọjú. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ibùsùn, ó fi agbádá ọkọ rẹ̀ bora, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń hanrun. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo lé ewúrẹ́, mo lé àwọn ọmọ tó ń ṣeré, mo lé obìnrin tó wá tọrọ iyọ̀. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi jókòó síbẹ̀ tí mò ń sunkún ayọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo padà sí ilé àdúrà. Mo tú ẹ̀yìn dùùrù náà, mo fa ahọ́n idẹ ti lá yọ. Ìdọ̀tí díẹ̀ máa ń pa ahọ́n bẹ́ẹ̀ lóhùn, mo ti rí i rí, ìyẹ́ kòkòrò lásán tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, mo wò ó yíká. Ó mọ́ tónítóní. Mo dá a padà sáyè rẹ̀, mo tẹ ẹsẹ̀, mo tẹ ohùn náà. Lá dún rekete. Mo sáré jáde, n kò rántí pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ̀gbọ́n mi sùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé agbádá náà lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n sì sin ín pẹ̀lú bàtà tí wọ́n rí nínú lọ́rí. Nígbà tí a ti ibẹ̀ dé, mo gbà pé ó yẹ kí ó mọ òtítọ́. Mo ní, "Ohùn kan ni kò dún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Lá ni. Orin náà kò yí padà, Ó ń bọ̀ náà ni mò ń tẹ̀."

Ó ń ká aṣọ. Kò wò mí.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bọ̀ ni."

Ó da omi ìwẹ̀ tó kù nínú ìkòkò nù síta, ó sì ti ilẹ̀kùn pa.